Kí Ajá Etí Odò Ala Má Di Yẹ̀yẹ́: Bí A Ṣe Ń Mú Agbára Ọ̀tá Tẹ̀lé Ìpele Akọni Nínú Géèmù

Ẹ jẹ́ ká fi géèmù kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè ní ara. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ ni akọni rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní etí odò Ala ní Àkúrẹ́, ó wọ igbó ẹ̀bá odò Ọ̀wẹ̀nà lọ́nà Oǹdó, ó sì parí ìrìn rẹ̀ lórí Òkè Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ti ń dúró dè é. (Ẹni tó mọ ilẹ̀ yóò ní ọ̀nà Ìdànrè kọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni, géèmù la ń ṣe, a ò wa dánfó.) Ọ̀tá àkọ́kọ́ tó máa pàdé ni ajá ìgbẹ́ méjì tó sá pamọ́ sínú koríko etí odò. Ní ìpele 1, ajá méjèèjì tó láti mú kí ẹni tó ń gbá géèmù náà jí lójú, kó máa wo ibi tí èkejì gbà.

Ìpele 12 ni wàhálà dé. Ìtàn géèmù ní kí ọdẹ padà wá jẹ́ iṣẹ́ fún ìyálọ́jà kan ní Ọjà Ọba, ó sì di dandan kó tún gba etí odò kọjá. Ajá kan yọ, ó ṣá a lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Èkejì yọ, òun náà kú. Bí ẹni ń pa eṣinṣin. Tó bá di ìgbà kẹta, ẹni tó ń gbá géèmù kò ní dúró mọ́, ṣe ni yóò kàn máa sáré kọjá, gbogbo àgbègbè tí ẹ fara balẹ̀ yà yóò sì di ojú ọ̀nà lásán.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn èèyàn ni pé kí ìpele ọ̀tá máa bá ti akọni dọ́gba nígbà gbogbo. Òun gan-an ló ń ba géèmù jẹ́ jù. Nínú géèmù Oblivion, tó jáde ní 2006, àwọn ọlọ́ṣà ẹ̀bá ọ̀nà ń dàgbà pẹ̀lú akọni títí wọ́n fi ń wọ ìhámọ́ra olówó iyebíye, síbẹ̀ owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣì ń dá èèyàn lọ́nà fún. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀wù yẹn, kí ló tún ń ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà? Ohun tí à ń wá kò tó bẹ́ẹ̀. Kí ajá ìgbẹ́ tí ọdẹ ìpele 12 pàdé kú kíákíá ju ti ìpele 1 lọ, ṣùgbọ́n kó ṣì lè gba nǹkan lára ẹni tó bá fojú di í. Àárín méjì yẹn ni iṣẹ́ wà.

## Ẹ ka ìṣá, ẹ má ka ẹ̀mí

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù, ẹ kọ iye àdá tí akọni máa ṣá ọ̀tá kó tó kú sílẹ̀. Iye ẹ̀mí tí ọ̀tá ní kò sọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ẹ̀mí 60 pọ̀ lójú ẹni tó ń ṣá 10, ó kéré lójú ẹni tó ń ṣá 58. Ẹni tó ń gbá géèmù kò sì rí ẹ̀mí, ìṣá ló ń kà, bí kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń kà á.

Nínú géèmù wa yìí, àdá ọdẹ ń gba ẹ̀mí 10 ní ìpele 1, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ń fi 2 kún un. Ẹ̀mí tirẹ̀ jẹ́ 100, ìpele kọ̀ọ̀kan ń fi 12 kún un. Ìpele 25 ni òpin. Ajá ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mí 30, tó bá sì bu ọdẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan, 8 ló ń gbà.

Ní ìpele 1, ìṣá mẹ́ta ló ń pa ajá. Bí ajá kò bá yí padà, ní ìpele 6 ìṣá méjì ni, ní ìpele 11 ìṣá ọdẹ ti di 30, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Ibi tí ìṣá ti di ẹyọ kan ni ìjà ti parí, nítorí ajá tó bá kú kó tó la ẹnu kì í ṣe ọ̀tá mọ́. Nítorí náà, ohun tí ẹ máa kọ sórí ìwé fún ajá yìí ni: ìṣá 3 ní ìbẹ̀rẹ̀, ìṣá 2 nígbà tí ọdẹ bá padà wá, kó má sì di 1 láé, àfi bí ọdẹ bá ti rí ohun ìjà tó dáa. Gbogbo ìṣirò tó kù ń wá bí ohun tí ẹ kọ yìí ṣe máa ṣẹ ni.

## Ilẹ̀, àjà, àti ìdá ìtẹ̀lé

Ẹ fún àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta. Ilẹ̀ ni ìpele tí ọ̀tá ibẹ̀ kò lè rẹlẹ̀ jù. Àjà ni èyí tí kò lè ga jù. Ìdá ìtẹ̀lé ni ó ń sọ iye tí ọ̀tá máa gùn nígbà tí akọni bá gun ìpele kan. Fún etí odò Ala, ilẹ̀ jẹ́ 1, àjà 6, ìdá ìtẹ̀lé 0.6, ìyẹn ni pé bí ọdẹ bá gun ìpele mẹ́wàá, mẹ́fà ni ajá fẹ́ gùn, kó tó di pé àjà dá a dúró. Fún igbó Ọ̀wẹ̀nà, ilẹ̀ 4, àjà 13, ìdá 0.8. Fún Òkè Ìdànrè, ilẹ̀ 11, àjà 25, ìdá 0.9.

Nínú Godot 4, ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe géèmù, kóòdù rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

```gdscript
func ipele_ota(akoni: int, ile: int, aja: int, ida: float) -> int:
    var p := ile + roundi((akoni - ile) * ida)
    return clampi(p, ile, aja)
```

Ẹ̀mí ajá ń fi 6 kún ara rẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìbùjẹ rẹ̀ ń fi 1 kún:

```gdscript
func seto(ota, p: int) -> void:
    ota.emi = 30 + 6 * (p - 1)
    ota.ibuje = 8 + (p - 1)
```

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí ọdẹ ìpele 12 ní etí odò Ala. 12 dín 1 jẹ́ 11, nígbà 0.6 jẹ́ 6.6, a sún un sí 7, a fi 1 kún un, ó di 8. Àjà jẹ́ 6, nítorí náà ajá dúró ní ìpele 6. Ẹ̀mí rẹ̀ di 60, ìbùjẹ rẹ̀ di 13. Ọdẹ ń ṣá 32, ìṣá méjì ló máa pa á. Bí ẹ bá ṣe é fún ìpele mélòó kan, ohun tí ẹ máa rí nìyí:

| Ìpele ọdẹ | Ìṣá rẹ̀ ń gba | Ajá tí kò yí padà | Ajá tó ń tẹ̀lé |
|---|---|---|---|
| 1 | 10 | ìṣá 3 | ìṣá 3 |
| 6 | 20 | ìṣá 2 | ìṣá 3 |
| 12 | 32 | ìṣá 1 | ìṣá 2 |
| 25 | 58 | ìṣá 1 | ìṣá 2 |

Láti ìpele 1 títí dé 10, ìṣá 3 ni. Ní ìpele 11 ó já sí 2, ó sì dúró síbẹ̀ títí dé òpin. Kò sí ìgbà kankan tó ga ju 3 lọ, ìyẹn sì ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tó kù lọ. Ọjọ́ tí ìṣá bá ti 3 di 4 lẹ́yìn tí èèyàn gun ìpele tuntun, ẹni náà yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé kí lòun ń làágùn fún.

Kí nìdí tí ìdá kò fi jẹ́ 1.0? Ẹ wò ó: bí ajá bá ń bá ọdẹ gùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀mí rẹ̀ máa jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìṣá ọdẹ gẹ́lẹ́ ní gbogbo ìpele títí dé àjà. Ìlọ́po mẹ́ta gẹ́lẹ́ yẹn ni ewu. Ní ìpele 5, ajá ní 54, ọdẹ ń ṣá 18. Kí májèlé kan kàn dín ìṣá ọdẹ kù sí 17 báyìí, ìṣá mẹ́ta gba 51, ajá ṣì dúró pẹ̀lú ẹ̀mí 3, ìṣá kẹrin ti wọlé. Pẹ̀lú ìdá 0.6, ajá tí ọdẹ ìpele 5 yẹn máa pàdé ní 42, 17 ṣì pa á ní mẹ́ta. Ààyè tó ṣẹ́ kù yẹn ni ìdá ń rà fún yín.

Ilẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Bí ọdẹ ìpele 3 bá ya agídí, tó gun Òkè Ìdànrè, ajá ìpele 11 ló máa bá níbẹ̀: ẹ̀mí 90, ìbùjẹ 18. Ọdẹ ń ṣá 14, ìṣá méje ló nílò, bẹ́ẹ̀ ìbùjẹ méje ló máa pa òun náà, nítorí ẹ̀mí 124 ló ní. Á sá padà, á sì rántí ibẹ̀. Bí kò bá sí ilẹ̀, òkè náà ì bá rọ̀ bíi etí odò, kò ní sí ibi kankan nínú géèmù tí èèyàn ń bẹ̀rù láti lọ, ìgboyà kò sì ní já mọ́ nǹkan.

## Èlé lórí èlé

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ̀mí ọ̀tá máa pọ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún nígbà tí ìṣá akọni ń pọ̀ ní ìye kan náà. Ẹni tó bá ti yá owó elélé rí mọ ohun tí à ń sọ. Ìdá 15 nínú 100 ní ìpele kọ̀ọ̀kan dún bíi nǹkan kékeré. Bí ẹ bá lò ó fún ajá yìí láìsí àjà, tí ìpele rẹ̀ sì bá ti ọdẹ dọ́gba, ní ìpele 12 ẹ̀mí rẹ̀ ti di 140, ọdẹ tó ń ṣá 32 nílò ìṣá 5. Ní ìpele 25, ẹ̀mí rẹ̀ di 859, ìṣá 15 ni. Ajá kan náà tó kú ní ìṣá mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti wá dà bí ìrókò tí èèyàn ń fi ọ̀bẹ ìdáná gé.

Bí ìṣá akọni bá ń fi ìye kan kún ara rẹ̀, kí ẹ̀mí ọ̀tá náà máa fi ìye kún ara rẹ̀. Bí ìṣá akọni bá ń pọ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún, kí ti ọ̀tá náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí ìdá tirẹ̀ sì kéré díẹ̀ ju ti akọni lọ. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà tí ẹ fi lè tètè mọ̀ ni kí ẹ ya ìṣá tó ń pa ọ̀tá ní gbogbo ìpele láti 1 dé òpin sórí tábìlì ìṣirò. Bí ìlà rẹ̀ bá ń gòkè sí apá ọ̀tún, èlé lórí èlé ti wọlé.

## Ajá kẹta

Nọ́ńbà nìkan kì í tó. Ẹ jẹ́ ká wo ìjà ní ojúkojú. Ọdẹ ń ṣá lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ajá ń bù jẹ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, ọdẹ sì ń pa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìpele 1, ajá méjì: àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú àáyá 3 kó tó kú, méjèèjì sì ń bu ọdẹ jẹ ní gbogbo àsìkò yẹn. Èkejì nìkan wá bù ú jẹ fún 3 mìíràn. Àpapọ̀ àsìkò ìbùjẹ jẹ́ 9, ó tó ìbùjẹ mẹ́rin àbọ̀, ẹ̀mí bíi 36 nínú 100. Ìjà gidi nìyẹn.

Ní ìpele 12 pẹ̀lú ajá tí kò yí padà, ajá méjì náà ń gba 12 nínú ẹ̀mí 232, kò tó ìdá 6 nínú 100. Pẹ̀lú nọ́ńbà tí a ṣe lókè, àsìkò ìbùjẹ jẹ́ 6, ìbùjẹ mẹ́ta ni, 39 nínú 232, bíi ìdá 17. Ó ti dáa díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì mú ẹnikẹ́ni jí lójú.

Ẹ wá fi ajá kan kún un. Ajá mẹ́ta ń bu ọdẹ jẹ fún ìṣẹ́jú àáyá 2, lẹ́yìn náà méjì fún 2, lẹ́yìn náà ẹyọ kan fún 2. Àpapọ̀ jẹ́ 12, ìbùjẹ mẹ́fà, ẹ̀mí 78 nínú 232, bíi ìdá 34. A ti padà sí ìwọ̀n ewu ìpele 1, bẹ́ẹ̀ ìṣá méjì péré ló ń pa ajá kọ̀ọ̀kan. Ohun tí à ń wá nìyẹn gẹ́lẹ́: ọdẹ rí i pé apá òun ti le, kò sì lè sùn.

Ẹ ṣọ́ra fún ìkẹrin o. Ewu kì í pọ̀ bí iye ajá ṣe ń pọ̀. Ajá kan jẹ́ ìwọ̀n 1, méjì jẹ́ 3, mẹ́ta jẹ́ 6, mẹ́rin jẹ́ 10, nítorí ajá tó ń dúró de ikú ń bu èèyàn jẹ lọ ní tirẹ̀. Ajá mẹ́rin ní ìpele 12 máa gba 130, ìdá 56. Ẹni tó kàn fẹ́ kọjá lọ sí ọjà kò yẹ kó fi ìdajì ẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀ létí odò. Ìdí mìíràn tún wà: ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbá géèmù lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, ọ̀tá tó bá pọ̀ lójú kan yóò sì mú kí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ní àgbègbè ìbẹ̀rẹ̀, ajá mẹ́ta ni kó jẹ́ òpin.

Bí ẹ bá fẹ́ kó dùn sí i, ẹ má fi ajá kẹta náà yọ láti iwájú bíi ti àwọn tó kù. Ẹ jẹ́ kó yípo lọ sẹ́yìn ọdẹ, kó sì gbó lẹ́ẹ̀kan kó tó fò mọ́ ọn. Gbígbó yẹn ṣe pàtàkì. Ọ̀tá tó bá kọlu èèyàn láti ẹ̀yìn láìsí ìkìlọ̀, ìbínú ló ń fà, kì í fa ìṣọ́ra.

## Ìpele wo gan-an là ń wò?

Nínú géèmù tí èèyàn ti lè gun ìpele nípa ìṣòwò, oúnjẹ sísè tàbí ọ̀rọ̀ sísọ, nọ́ńbà ìpele máa ń purọ́. Ẹnì kan lè dé ìpele 12 nípa nínájà ní Ọjà Ọba, kó má tíì kọ́ àdá rárá, kí ìṣá rẹ̀ wà ní 18. Bí ajá bá wo ìpele 12, ó máa ní ẹ̀mí 60, ìṣá 4 ló máa pa á. Ẹni náà ti fi ọgbọ́n ọjà ra ìyà fún ara rẹ̀.

Ẹ wo apá dípò ìpele. Nítorí pé ìṣá bẹ̀rẹ̀ ní 10 tó sì ń fi 2 kún, ẹ lè yí i padà: ẹ yọ 10 kúrò nínú ìṣá, ẹ pín in sí méjì, ẹ fi 1 kún un. 18 yọ 10 jẹ́ 8, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 4, fi 1 kún un, ìpele ìjà jẹ́ 5. Èyí ni kí ẹ fún `ipele_ota`. Ajá á di ìpele 3, ẹ̀mí rẹ̀ á di 42, ìṣá mẹ́ta ló máa pa á.

Ẹ má ka ohun ìjà mọ́ ọn. Ìṣá tí akọni ní láìsí ohun ìjà àrà ọ̀tọ̀ nìkan ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ka ohun ìjà, wàhálà méjì máa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́, àdá tuntun tí èèyàn fi owó rà kò ní yí nǹkan kan padà, nítorí ọ̀tá á le sí i lójú ẹsẹ̀. Èkejì, àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ á bọ́ àdá sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ àgbègbè, kí ọ̀tá lè rọ̀, wọ́n á sì tún un gbé tí wọ́n bá wọlé tán. Ẹ jẹ́ kí àdá alágbẹ̀dẹ tó ń fi 15 kún ìṣá jẹ́ ẹ̀bùn gidi: ní ìpele 20, ọdẹ tó ní in ń ṣá 63, ajá ẹlẹ́mìí 60 á kú lẹ́ẹ̀kan. Kò burú. Ó ti sanwó rẹ̀.

## Ìgbà tí ìṣirò ń wáyé, àti ibi tí kóòdù ti ń dani

Ẹ ṣírò ìpele ọ̀tá nígbà tí akọni bá wọ àgbègbè, ẹ tọ́jú rẹ̀ títí tó fi máa jáde. Ẹ má ṣe é nínú ìjà. Bí ọdẹ bá gun ìpele nígbà tí ajá ku ẹ̀mí 5, tí ìṣirò sì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀mí ajá á padà kún lójú rẹ̀. Géèmù mìíràn tún ń ti ìpele àgbègbè pa pátápátá sí iye tó jẹ́ nígbà àkọ́kọ́ tí akọni wọ ibẹ̀, bí Skyrim ti 2011 ṣe ń ṣe. Fún ihò tàbí ilé tí èèyàn ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dáa. Fún àgbègbè ìbẹ̀rẹ̀, kò lè ràn wá lọ́wọ́, nítorí ìpele 1 ló máa tì í pa sí, ìyẹn sì ni àrùn tí à ń wò sàn. Ẹ tì í fún ìwọlé kan ṣoṣo, ẹ sì kọ ọ́ sínú fáìlì ìfipamọ́ kó má bàa yí padà bí èèyàn bá pa géèmù tó tún ṣí i. Ní ìlú tí iná ti ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, èèyàn á ṣí i padà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àléébù méjì ló máa ń gba àkókò èèyàn nínú Godot. Àkọ́kọ́ ni pé ẹ pe `seto` kí ẹ tó pe `add_child()`, bẹ́ẹ̀ ni inú `_ready()` ti ajá lẹ ti kọ `emi = 30`. `_ready()` ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ajá bá wọ inú ìran, nítorí náà ó máa pa ohun tí ẹ ṣètò rẹ́. Àmì rẹ̀ ni pé gbogbo ajá ń kú bíi ti ìpele 1, bẹ́ẹ̀ `print(p)` ń fi 6 hàn. Ẹ pe `seto` lẹ́yìn `add_child()`, tàbí kí ẹ yọ ìlà yẹn kúrò.

Èkejì burú jù. Bí ẹ bá tọ́jú ẹ̀mí àti ìbùjẹ sínú Resource, gbogbo ajá ló ń pín ẹyọ kan náà lò. Kí kóòdù wá máa sọ ẹ̀mí tó wà níbẹ̀ di púpọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ajá tuntun bá yọ, ti ajá kejì á gorí ti àkọ́kọ́, ti ẹ̀kẹta á gorí ti èkejì. Àmì rẹ̀: ajá ń le sí i bí èèyàn ṣe ń pẹ́ ní àgbègbè kan náà, láìjẹ́ pé ìpele yí padà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá pa géèmù tí ẹ tún ṣí i, ó padà bọ̀ sípò. Ẹ lo `duplicate()` fún ajá kọ̀ọ̀kan, ẹ sì máa ṣírò láti ìpìlẹ̀ 30 ní gbogbo ìgbà bí a ṣe ṣe é lókè, ẹ má ṣírò láti inú ohun tó wà nílẹ̀.

## Èrè

Bí ajá tó ń tẹ̀lé bá ń fúnni ní póíǹtì ìrírí 10 fún ìpele rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọdẹ ìpele 12 ń rí 60 lórí ajá tó ń kú ní ìṣá méjì. Bí ó bá nílò 1,200 láti gun ìpele, ogún ajá péré ti tó, kí ló fẹ́ lọ ṣe ní Ìdànrè? Etí odò á di oko rẹ̀. Ẹ wo àlàfo: bí ìpele akọni bá fi ju 5 lọ ju ti ọ̀tá, ẹ fún un ní ìdá 0.3 póíǹtì náà. 60 á di 18, ajá 67 ló máa nílò, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò.

Ẹrù tí ọ̀tá ń jù sílẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ìpele rárá ní àgbègbè ìbẹ̀rẹ̀. Ọlọ́ṣà etí odò Ala lè le sí i, àdá tó ti dípẹtà ni kó ṣì mú lọ́wọ́.

## Ìdánwò

Ẹ ṣe bọ́tìnnì ìdánwò kan tó ń fi ọdẹ sí ìpele 1, 6, 12, 20 àti 25, kó sì máa kọ nǹkan méjì sílẹ̀ lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan: iye ìṣá tó pa ajá kọ̀ọ̀kan, àti ìdá ẹ̀mí tí ọdẹ pàdánù. Ẹ ja ìjà mẹ́wàá ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní etí odò Ala, láti ìpele 6 lọ sókè, bí ẹ̀mí tó ń lọ bá wà láàárín ìdá 20 àti 35, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá rẹlẹ̀ sí 20, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan iye ajá tàbí ìṣe rẹ̀ kí ẹ tó kan ẹ̀mí rẹ̀. Bí ó bá kọjá 35, ẹ dín ìbùjẹ kù, ẹ má dín ẹ̀mí ajá, nítorí ẹ̀mí ló gbé ìṣá méjì yẹn dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e fún ẹni tí kò bá yín ṣe é, ẹ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ fi í sí ìpele 12, ẹ ní kó gba etí odò lọ sí Ọjà Ọba. Bí kò bá tẹ bọ́tìnnì ìyẹra lẹ́ẹ̀kan, ajá ti rọ̀ jù. Bí ó bá rí ajá lókèèrè tó yípo gba ibòmíràn, kì í ṣe ìbẹ̀rù, ọ̀pọ̀ ìgbà ìjà ti gùn jù fún èrè tó wà níbẹ̀: ẹ ka ìṣá, ẹ máa rí i pé ọ̀kan ti di 4 níbì kan. Bí ó bá dúró, tó wẹ̀yìn nígbà tí ajá kẹta gbó, tó yẹra, tó sì ṣá a, ẹ lè lọ bẹ̀rẹ̀ igbó Ọ̀wẹ̀nà.